Ẹ bá mi yan ọ̀rọ̀ tí màá kọ sẹ́yìn ọkọ̀ tí mo fi ń kọ́ èèyàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Mo fẹ́ kọ gbólóhùn kan sẹ́yìn ọkọ̀ wa. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló máa kà á, torí náà kò gbọdọ̀ gùn.

Èyí tó wù mí jù ni "Ọkọ̀ rẹ ò ní yọ̀ sẹ́yìn mọ́." Lórí òkè Mọ́kọ́lá, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì kí kílọ́ọ̀ṣì tó mú, ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ń lọ. Ibẹ̀ lẹ̀rù ti ń bà wọ́n jù. A máa ń ní kí wọ́n fa bíréèkì ọwọ́, kí wọ́n rọra máa tú kílọ́ọ̀ṣì títí imú ọkọ̀ á fi gbéra díẹ̀, kí wọ́n tó wá tú bíréèkì náà. Àmọ́ ẹni tí kò wakọ̀ rí lè má mọ ohun tí à ń sọ.

"Wakọ̀ láìfòyà" yé tọmọdé tàgbà, ṣùgbọ́n ta ni kò lè kọ ọ́?

Ọmọọṣẹ́ mi dábàá "Gba láísẹ́ǹsì lọ́sẹ̀ méjì." Mo kọ̀ ọ́, torí ìjọba ló ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, kì í ṣe àwa.

Nínú méjì àkọ́kọ́, èwo ló máa mú yín pè wá?