Ọ̀gá wa ń fẹ̀yìn tì lọ́la, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tí a ó bá wọn sọ

Ọmọ Ọ́fíìsì:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ́fíìsì wa ń fẹ̀yìn tì lọ́la, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ní èmi ni kí n kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa fẹ́ bá wọn sọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Mi ò tíì kọ nǹkan kan. Irú ọ̀rọ̀ wo ló dáa?

Àdúrà Ń Gbà:
Má da ara rẹ láàmú. Kọ eléyìí: "Ọ̀gá wa àtàtà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oríire. Òógùn ojú yín kò ní já sí asán. Ẹ ó jẹ èrè iṣẹ́ yín pẹ́ nínú àlàáfíà. Àwa ọmọ iṣẹ́ yín ni." Mo ti fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sí ẹni tó padà wá fi mí sùn.

Mo Ti Kúrò Níbẹ̀:
Ẹ kú oríire o. Kí ẹ tó jáde lọ́la, ẹ rí i pé ẹni tó gba kọ́kọ́rọ́, kọ̀ǹpútà àti káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ yín fọwọ́ sí ìwé fún yín. Èmi ò gba ìwé kankan. Odindi ọdún kan lẹ́yìn tí mo kúrò ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí léèrè kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọmọ Ọ́fíìsì:
Ẹ ṣeun sà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mò ń fẹ̀yìn tì.

Mo Ti Kúrò Níbẹ̀:
Yóò kàn yín lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ ọ́ síbì kan.

Gègé Àtijọ́:
Iṣẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì ni mo fi jẹun títí tí èmi náà fi fẹ̀yìn tì, mo sì ti kọ irú ọ̀rọ̀ yìí ju bí mo ṣe lè kà lọ. Ohun tí o sọ kéré jù. Ṣé o máa kà á síta ni, àbí inú káàdì ni wọ́n ti máa kà á fúnra wọn? Tó bá jẹ́ pé àwọn gan-an lo ń bá sọ̀rọ̀, "ẹ" àti "yín" ni títí dé ìparí. Tó bá jẹ́ pé àwọn àlejò lo ń ròyìn wọn fún, "wọ́n" ni. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ ti tọ́ wa sọ́nà", kó wá bọ́ sórí "wọn kì í bínú" nígbà tó dé àárín. Ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí mọ́.

Ìkejì, má kọ ọ́ bí ìkéde òkú. Mo ti rí káàdì tí wọ́n kọ "Ó dìgbóṣe" gàdàgbà sí iwájú rẹ̀, tí inú rẹ̀ tún ní "ẹ sinmi dáadáa, a ò ní gbàgbé yín láéláé." Ìyá tí wọ́n fún yí káàdì náà síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ṣé mo ti kú ni?" Ẹ̀yìn ni èèyàn fi tì, kò dùbúlẹ̀.

Ìkẹta, iye ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Má gba ti ẹnu èèyàn gbọ́, wò ó nínú fáìlì. Ẹni tó ń fẹ̀yìn tì mọ ọjọ́ tó wọlé bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀.

Kò Sí Wàhálà:
Kí ni ẹ ń rà fún wọn? Ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀bùn o.

Ẹnu Mi Ló Kó Bá Mi:
Ohunkóhun tí o bá fẹ́ kọ, má fi àwàdà sí i. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, èmi ni mo kọ ti ọ̀gá tiwa. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé aláàánú ni wọ́n, mo bá kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣeun tí ẹ máa ń bá wa fọwọ́ sí rẹ́jísítà ní gbogbo àárọ̀ tí a bá pẹ́ dé." Nígbà tí a kà á láàárín ara wa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ọjọ́ kejì, ọ̀gá àgbà pátápátá wà ní ìlà iwájú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, ó sì dákẹ́ lójijì bí ìgbà tí wọ́n pa iná. Ọ̀gá wa ń wo bàtà wọn títí mo fi kà á tán. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti ní kí wọ́n kó àwọn rẹ́jísítà àtẹ̀yìnwá jáde. Ẹni méjì gba ìwé ìkìlọ̀, èmi jẹ́ ọ̀kan. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Títí dòní, ọ̀gá yẹn ò gbé fóònù mi mọ́.

Ìyá Onísùúrù:
Háà! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Òtítọ́ Korò:
Ẹ máa bínú sí mi, ṣùgbọ́n àwàdà kọ́ ló kó bá yín. Irọ́ ni ẹ jọ ń kọ sínú rẹ́jísítà.

Ẹnu Mi Ló Kó Bá Mi:
Ṣé mo bi yín léèrè ìyẹn ni? Ẹ̀yin kò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí?

Òtítọ́ Korò:
Mo pẹ́ rí. Mi ò kà á síta nínú gbohùngbohùn.

Kò Sí Wàhálà:
Ẹ̀bi ọ̀gá àgbà ni. Ọjọ́ ayẹyẹ kọ́ ni èèyàn ń gbọ́ ẹjọ́. Ó yẹ kó fi etí kan gbọ́ ọ, kó fi èkejì dà á nù.

Ìyá Onísùúrù:
Ta ló fẹ́ dà á nù? Iṣẹ́ ọ̀gá àgbà ni pé kó gbọ́. Ní tèmi, ẹni tó fún un ní gbohùngbohùn láìka ìwé náà ṣáájú ló jẹ̀bi.

Gègé Àtijọ́:
Ẹ jẹ́ ká fi ìjà yẹn sílẹ̀, ọmọ yìí kò ní àkókò tó ju alẹ́ òní lọ. Mi ò gbà pé kí àwàdà má sí níbẹ̀ rárá. Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n wa yìí ni pé ọpẹ́ wọn tú àṣírí. Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò ni pé mo máa ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ọ̀gá àgbà ló ń kà á. Tó bá lè béèrè pé, "Ìgbà wo nìyẹn ṣẹlẹ̀?", mo máa ń yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó. Ọmọ Ọ́fíìsì, sọ ohun kan ṣoṣo fún wa tí ọ̀gá yín máa ń ṣe tí ẹlòmíì kì í ṣe. Má sọ pé wọ́n níwà pẹ̀lẹ́. Sọ ohun tí ojú rí.

Ọmọ Ọ́fíìsì:
Rúlà. Wọn kì í fọwọ́ sí lẹ́tà kankan láìfi rúlà sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bíírò pupa máa ń wà ní etí wọn. Nígbà kan, àwa mẹ́ta ti ka lẹ́tà kan, a ní ó dáa. Rúlà dúró lábẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì, òdo kan ló lé. Wọn ò pariwo. Wọ́n kàn tẹ ìka mọ́ ọn, wọ́n ní, "Ẹ tún un wò." Wọ́n ti lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ níbẹ̀. Èmi ni mo máa kà á síta.

Gègé Àtijọ́:
O ti ní i lọ́wọ́, o wá ń wá a kiri. Wo eléyìí:

"Ọ̀gá wa, kò sí lẹ́tà tó jáde ní ọ́fíìsì yìí tí rúlà yín kò kọ́kọ́ gba abẹ́ ìlà rẹ̀ kọjá. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a rò pé ẹ kò fọkàn tán wa ni. Ìgbà tó yá la mọ̀ pé ẹ ń gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú. Ẹ kò pariwo lé wa lórí. Ẹ máa ń tẹ ìka mọ́ ọn, ẹ máa ní, 'Ẹ tún un wò.' Àwa náà ti ní rúlà báyìí. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yìn yín á tura."

Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kódà tí o bá rọra kà á. Wàá rí i pé mi ò mẹ́nu ba àkáǹtì, torí àwọn àlejò kò nílò àṣìṣe yín. Tẹ̀ ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, ìwọ̀n 16 sí 18, sójú ewé kan ṣoṣo, torí ọwọ́ máa ń gbọ̀n. Kí àwọn tó kù sì kà á lálẹ́ òní.

Àdúrà Ń Gbà:
Àdúrà dà níbẹ̀? Gbólóhùn kan ṣoṣo! Ẹni tó ṣiṣẹ́ ju ọgbọ̀n ọdún, rúlà lẹ máa fi kí i?

Òtítọ́ Korò:
Ti Gègé Àtijọ́ dáa jù. Àmọ́ "ìfẹ̀hìntì" ló yẹ kó jẹ́.

Gègé Àtijọ́:
"Ẹ̀yìn" la ń pè é, "ẹ̀yìn" ni mo kọ.

Òtítọ́ Korò:
Bàbá mi kọ "ẹ̀hìn" títí wọ́n fi fẹ̀hìn tì.

Ọmọ Ọ́fíìsì:
Mo ti fi ránṣẹ́ sí wọn lórí Wásáàpù. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ní rárá, pé àwọn èèyàn á rò pé a ń fi ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́. Ti Àdúrà Ń Gbà ni wọ́n fọwọ́ sí. A kàn máa fi "fún ọdún 32" kún un. Ẹ ṣeun gbogbo yín.

Gègé Àtijọ́:
Ó dáa. Ṣé inú fáìlì lo ti rí 32 yẹn?

Ọmọ Ọ́fíìsì:
Gbogbo wa la fẹnu kò sí i.

Ẹnu Mi Ló Kó Bá Mi:
Ó kéré tán, kò sí rẹ́jísítà nínú rẹ̀.

Ọmọ Ọ́fíìsì:
A ti ṣe é. Mo kà á, wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀gá dúpẹ́. Wọ́n ní kí n mú ìwé náà wá kí àwọn tọ́jú rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí àpò, wọ́n mú rúlà jáde, wọ́n fi sábẹ́ ìlà àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó mí nínú yàrá yẹn. Ó dé ìlà kẹta, ó dúró. Wọ́n yọ bíírò pupa létí, wọ́n fagi lé 32, wọ́n kọ 31 sórí rẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n wá wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ti ń bọ́ lẹ́nu wọn.

Ìyá Onísùúrù:
Kí ni wọ́n sọ?

Ọmọ Ọ́fíìsì:
"Ẹ tún un wò."