«Ìwé tó dára ni»: olùkọ́ fagi lé e

Àbẹ̀kẹ́, Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Olùkọ́ ní ká to àwọn ìwé tí a fẹ́ lò fún iṣẹ́ ìwádìí wa jọ, ká kọ àlàyé ṣókí sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó má ju ọ̀rọ̀ 120 lọ. Ìwé tí òpìtàn A. I. Aṣíwájú gbé jáde ní 1976 ni mo fi bẹ̀rẹ̀: «Ìwé yìí sọ̀rọ̀ nípa ìjọba òyìnbó nílẹ̀ Yorùbá. Ó ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan pàtàkì. Ìwé tó dára ni.» Wọ́n fi bírò pupa fagi lé gbogbo rẹ̀.

Bàbá Kẹ́mi: Ohun inú ìwé ni kò sí níbẹ̀. Mú un ní orí-orí, sọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n Kétu: Òótọ́ lẹ sọ nípa ohun inú ìwé, Bàbá Kẹ́mi, àmọ́ tó bá ń ka orí, ọ̀rọ̀ 120 á ti tán kó tó dé àárín. Àbúrò, gbé àlàyé rẹ yẹn sábẹ́ ìwé mìíràn lórí òyìnbó. Ṣé kò bá a mu? Ìyẹn ni àléébù rẹ̀. «Sọ̀rọ̀ nípa» ló ń tàn ẹ́. Kọ «ó ní», wàá rí i pé dandan ni kó o sọ ohun tí ọkùnrin náà ń jà fún. Kí ni àkòrí rẹ?

Àbẹ̀kẹ́: Òwò ààlà láàárín Kétu àti Ìmẹ̀kọ lẹ́yìn 1960.

Ìyá Ṣábẹ̀ẹ́: Ẹ dákun, èmi náà ní ìwé ẹ̀rí ọmọ mi tí wọ́n ní ká ṣàlàyé sí Faransé. Èló ni wọ́n ń gbà?

Ẹ̀gbọ́n Kétu: Ìyá wa, ti ògbufọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ ni. Àbẹ̀kẹ́, gbìyànjú èyí: «Aṣíwájú fi ìjọba Faransé wé ti Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn tí ààlà pín, láti 1889 sí 1945. Ó ní ọwọ́ líle Faransé, pàápàá iṣẹ́ tipátipá àti kíkó ọmọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun, lé ọ̀pọ̀ èèyàn sọdá sí Nàìjíríà. Ó lo àkọsílẹ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà, ìyẹn ni kò jẹ́ kó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dájọ́. Àmọ́ 1945 ló dúró sí. Mo lè fi ṣàlàyé bí ìsọdá ṣe bẹ̀rẹ̀. N kò lè fi ṣe ẹ̀rí òwò lẹ́yìn òmìnira.» Wo gbólóhùn mẹ́ta tó kẹ́yìn dáadáa. Ẹni tó ń kọ̀wé lórí iṣẹ́ tipátipá kò ní ka 1945 sí àbùkù rárá. Àkòrí tìrẹ ló sọ ọ́ di àbùkù.

Bàbá Kẹ́mi: «Mo lè» kẹ̀? Olùkọ́ tiwa kì í fẹ́ rí «mo» nínú iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Kétu: Tiwa ń gbà á. Kó bi tiẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ìwé mẹ́sàn-án ló kù, mẹ́rin nínú wọn ni mo sì kọ «ó dára» sí.