Ṣé ìpele ìsàlẹ̀ awọ ni, àbí èérún awọ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra àpò àlòkù kan tí wọ́n ní awọ gidi ni. Ó ń rùn bí awọ, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi òórùn sí ọ̀rá, nítorí náà n kò gbára lé e. Ní etí ibi tí wọ́n gé, mo rí fọ́nrán, kì í ṣe aṣọ híhun, àmọ́ ìpele ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó lókè, ó sì ti ń bó níbi tí àpò náà ti ń ṣẹ́po. Ó lè jẹ́ ìpele ìsàlẹ̀ awọ tí wọ́n fi ọ̀rá bò, tàbí èérún awọ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Báwo ni mo ṣe lè fi fọ́nrán náà dá méjèèjì mọ̀ láì ba àpò jẹ́? Ẹ forí jì mí pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ sílẹ̀.