Rólà abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń yí lójú: ta ló ti lò ó, kí ló fi ojú yín ṣe?

Ìyá Ìbejì Òkè Àró: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Àkúrẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Lọ́dún tó kọjá ni mo ra rólà yẹn ní Ọjà Ọba, ẹni tó tà á ní ó máa pa àpá irorẹ́ rẹ́, pé èyí tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ gùn jù ló ń ṣiṣẹ́ jù, ni mo bá mú ti mìlímítà 1.5. Irorẹ́ tútù mẹ́rin wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi ọ̀tún lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ọyún lórí, mo ṣáà yí i gba orí gbogbo ẹ̀ kọjá. Mo fi sípíríìtì nu rólà náà kí n tó lò ó o. Bí mo ṣe ṣe tán ni mo fi sírọ́ọ̀mù fáítámíìnì C lé e, ó ta mí bí ata. Lọ́jọ́ kẹta ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, ó gbóná, kókó kéékèèké tò lọ bí ìlà níbi tí rólà gbà, gbogbo ẹ̀ ló ní ọyún. Wọ́n fún mi ní oògùn àǹtíbáyótíìkì, wíwú náà lọ, àmọ́ oṣù mẹ́jọ ni àmì dúdú yẹn fi jókòó sójú mi, ìlà tó jìn díẹ̀ sì ṣì wà lẹ́bàá àgbọ̀n mi dòní, tí iná bá tàn láti ẹ̀gbẹ́ ẹ máa rí i.

Àbíkẹ́: Ṣé rólà tí wọ́n fi ń ká irun ni? Tèmi ò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì Òkè Àró: Rárá Àbíkẹ́, ti ojú ni, èyí tí abẹ́rẹ́ kún ara ẹ̀.

Bọ̀dé Alágbàká: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Èmi ń lo ti 0.5 sí irùngbọ̀n, ó ti lé lóṣù mẹ́rin, nǹkan kan ò ṣe mí. Gígùn abẹ́rẹ́ yẹn ló fa tiyín. Èmi àti àbúrò mi la jọ ń lò ó, a máa ń fi omi gbígbóná ṣàn án.

Nọ́ọ̀sì: Bọ̀dé, ẹ̀yin méjèèjì? Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ jọ̀ọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí lè wà lára abẹ́rẹ́ yẹn, hẹpatáítísì B lè gba ibẹ̀ ràn, omi gbígbóná ò sì tó láti pa á. Òótọ́ lo sọ pé gígùn dá kún un, àmọ́ irorẹ́ tútù gan-an ló ba ti Ìyá Ìbejì jẹ́. Abẹ́rẹ́ gún èyí tó ní ọyún, ó ru kòkòrò rẹ̀, ó yí lọ síbi tí ara dá, ó sì ń lu ihò tuntun fún un. Ìdí nìyẹn tí kókó ẹ̀ fi tò bí ìlà. Sípíríìtì máa ń dín kòkòrò kù, kì í sọ rólà di bí abẹ́rẹ́ tuntun inú páálí. Fáítámíìnì C yẹn náà, orí awọ ni wọ́n ṣe é fún, tó bá wọ abẹ́ awọ, ara lè kọ̀ ọ́, kó di kókó tí kì í tètè lọ.

Bọ̀dé Alágbàká: Àwọn bábà ńkọ́? Wọ́n ń fi kílípà kan gé orí ogún èèyàn.

Ọmọ Ońdó: Ìyẹn náà ò dáa, mo ti ń gbé kílípà tèmi lọ láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ìwé.

Bọ̀dé Alágbàká: Ẹ̀yin lowó wà lọ́wọ́ yín.

Màmá Tọ́lá: Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀. Èmi, ibi tí mo lu etí sí wú bíi kóró àgbálùmọ̀, wọ́n gé e, ó tún wú. Ṣé mo lè lo ti 0.2?

Nọ́ọ̀sì: Màmá, ẹ má fi kàn yín rárá, ẹni tí àpá ẹ̀ bá ti ń wú báyìí, ìdí kò sí láti máa wá ọgbẹ́ kún ọgbẹ́. Ti 0.2 kì í tiẹ̀ dé ibi tí àpá tó jìn wà, orí awọ ló ń pin sí. Èyí tó ń dé bẹ̀, ọwọ́ dókítà awọ ara ló yẹ kó wà, kí wọ́n máa lo orí abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ Ońdó: Èyí tó ń lo bátìrì ńkọ́, tó dà bíi báírò? Wọ́n ní ó mọ́ ju rólà lọ torí pé a ń pààrọ̀ orí ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì: Orí ẹ̀ lẹ ń pààrọ̀, àmọ́ nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú, omi àti ẹ̀jẹ̀ lè fà wọ inú ara báírò náà, orí tuntun ò sì ní yí ìyẹn padà.

Ìyá Ìbejì Òkè Àró: Kí ni kí n wá lò báyìí?

Nọ́ọ̀sì: Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí irorẹ́ tútù dáwọ́ dúró. Jẹ́ẹ̀lì irorẹ́ tó ń jẹ́ ádápálìn, ti 0.1%, bíi ẹ̀wà kan ṣoṣo fún gbogbo ojú lálẹ́, alẹ́ méjì méjì lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ torí ó máa ń bó awọ. Ẹ má lò ó tí oyún bá wà. Lójúmọmọ, ẹ kun kírímù adènà oòrùn, torí oòrùn ló ń jẹ́ kí dúdú náà pẹ́. Ó tó oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó mọ ìyàtọ̀. Ìlà tó jìn yẹn, kírímù ò lè kún un, ẹ gbé e lọ bá dókítà awọ ara.

Àbíkẹ́: Òrí àti ọṣẹ dúdú ló pa tèmi rẹ́ o.

Màmá Tọ́lá: Òrí yẹn ló tún fún ọmọ mi ní irorẹ́.

Bọ̀dé Alágbàká: Mo ti fi òwú kan rólà tiwa wò báyìí, ó ń fa òwú náà ya.

Nọ́ọ̀sì: Ẹnu abẹ́rẹ́ ẹ̀ ti tẹ̀ nìyẹn, ó ń ya awọ ni, kò gún un mọ́. Ẹ kó o sínú agolo kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù, kó má gún ẹni tó ń kó ìdọ̀tí.