Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n ya àkókò ìṣílẹ̀kùn sọ́tọ̀ kúrò nínú ìkíni ọdún?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn òbí mi ló dá súpámákẹ́ẹ̀tì wa sílẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ìkíni ọdún sí àwọn oníbàárà tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wa tipẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo kó ìdúpẹ́, ẹ̀dínwó àti àkókò tí a óò tilẹ̀kùn pọ̀ sínú ìpínrọ̀ gígùn kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ kò kà á dé ìsàlẹ̀, nítorí náà àwọn kan wá bá ilẹ̀kùn ní títì, àwọn mìíràn sì ní ìpolówó ọjà ni a fi ìkíni bò mọ́lẹ̀ (ká sòótọ́, wọn kò parọ́).

Ní báyìí, mo ti yọ ẹ̀dínwó kúrò, mo sì kọ ọ́ báyìí: «Ìdílé wa kí ìdílé yín kú ọdún o. A dúpẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa lẹ ń yà sí. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, a óò tilẹ̀kùn ní aago 2 ọ̀sán. A óò sì ṣí i padà ní ọjọ́ kejì ọdún, ní aago 9 àárọ̀.» N kò dárúkọ ọdún kankan, nítorí pé ẹ̀sìn àwọn oníbàárà wa kò dọ́gba.

Ṣé kí àkókò yìí dúró níbẹ̀, àbí kí n kọ ọ́ lọ́tọ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú? Àti pé, ṣé orúkọ àwọn òbí mi ni kí n fi parí rẹ̀ ni, àbí orúkọ ilé ìtajà?