Owó máa ń tán lọ́wọ́ mi kí iléèwé tó wọlé: báwo ni kí n ṣe máa rí i tẹ́lẹ̀?

Aránṣọ Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Yunifọ́ọ̀mù ni mò ń rán. Tó bá di oṣù kẹsàn-án, mi ò kì í ráyè jẹun, àmọ́ ní oṣù keje tó yẹ kí n lọ ra aṣọ ní Gbági, ọwọ́ mi á ti gbẹ. Lọ́dún tó kọjá mo yá owó èlé, èlé náà ló sì jẹ èrè mi. Mo fẹ́ kọ ìṣirò oṣù méjìlá sílẹ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Ìbejì: Ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ pa lọ́dún tó kọjá jọ, ẹ fi 12 pín in, kẹ́ ẹ yọ ìnáwó oṣooṣù. Ó parí.

Olùṣírò: Bàbá, ẹ má bínú, tí wọ́n bá pín in bẹ́ẹ̀, oṣù keje á dọ́gba pẹ̀lú oṣù kẹsàn-án, ihò tí à ń wá á sì fara pamọ́. Àǹtí, oṣù tí owó máa tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, kì í ṣe oṣù tẹ́ ẹ ránṣọ. Owó ilé ọdún kan náà, oṣù tẹ́ ẹ bá san án ni kó wà. Lórí fóònù, ẹ ṣí Google Sheets, kí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ oṣù kan: ẹ fi owó tó wà nílẹ̀ sí B2, èyí tó ń wọlé sí B3, èyí tó ń jáde sí B4. Ẹ tẹ `=B2+B3-B4` sí B5, kẹ́ ẹ tẹ `=B5` sí C2, kẹ́ ẹ da B5 kọ sí C5, kẹ́ ẹ sì da C2 àti C5 kọ sí àwọn òpó tó kù, kí oṣù kan lè máa gbé ìyókù rẹ̀ fún èkejì.

Alágbò: Èmi ò lè wo ti ọdún tó kọjá kọ o. Iléyá máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Aránṣọ Ìbàdàn: ₦900,000 ló máa wà lọ́wọ́ mi ní òpin oṣù karùn-ún. Oṣù kẹfà, ₦100,000 á wọlé, ₦150,000 á jáde. Oṣù keje, ₦100,000 á wọlé, aṣọ á gba ₦1,400,000, ìnáwó ₦150,000. Oṣù kẹjọ, àsansílẹ̀ àwọn òbí ₦500,000, ìnáwó ₦450,000. Oṣù kẹsàn-án, ₦1,200,000 á wọlé, ₦500,000 á jáde.

Olùṣírò: Oṣù keje á fi ₦600,000 jẹ gbèsè, oṣù kẹjọ ₦550,000, oṣù kẹsàn-án ni ₦150,000 tó máa ṣẹ́ kù. Àmọ́ ká ní ìdajì owó oṣù kẹsàn-án sún sí oṣù kẹwàá, ẹ ṣì máa jẹ ₦450,000. Ẹ má ṣe yá owó tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ san tán ní oṣù kẹsàn-án. Tẹ́ ẹ bá ra ìdajì aṣọ ní oṣù keje, ìdajì ní oṣù kẹjọ, oṣù keje á ṣẹ́ ₦100,000 kù. Oṣù kẹjọ nìkan lẹ máa jẹ ₦550,000. Tẹ́ ẹ bá ń dá àjọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kó kàn yín lóṣù náà.

Ìyá Aláṣọ: Ìdajì-ìdajì kẹ̀? Àwọ̀ tí wọ́n kó dé lẹ́ẹ̀kejì lè máà bá ti àkọ́kọ́ mu, iléèwé á dá a padà.

Aránṣọ Ìbàdàn: Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Bóyá kí n kó búlúù tán lẹ́ẹ̀kan, kí funfun dúró de oṣù kẹjọ. Mo ń lọ bi oníṣòwò mi lọ́la.