Ẹ gbà mí o, lọ́la ni ìdánwò: ẹ̀gbẹ́ mélòó ló ní?

Ìyá Tóbi (Mansẹ́sítà)
Ẹ̀yin ará ilé, ẹni tí kò bá tíì sùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù níbí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọ̀la ni Tóbi ń wọ yàrá ìdánwò ìṣirò. Ìbéèrè kan ti fẹ́ sọ èmi àti ọmọ mi di ọ̀tá. Wọ́n ya nǹkan mẹ́ta tí igun wọn pàdé lójú kan ṣoṣo, kò sí àlàfo láàárín wọn. Ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, èkejì ní mẹ́fà, ẹ̀kẹta ni wọn ò yà tán. Gbogbo wọn ni ẹ̀gbẹ́ wọn dọ́gba, tí igun wọn náà dọ́gba. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ mélòó ni ẹ̀kẹta ní. Èmi fi 3 pín 360, mo rí 120, mo ní mẹ́fà ni. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé mi ò jókòó ní kíláàsì rí.
Ìbéèrè kejì tún wà: igun inú nǹkan kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ igun òde rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mélòó ló ní? Ìyẹn ni mi ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn.

Àǹtí Pẹ́kàmù
Ìyá Tóbi, ẹ fara balẹ̀. Ti ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin 90, ti ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́fà 120. Ẹ pa á pọ̀, ó di 210. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 360, ó ku 150. Igun inú ẹ̀kẹta nìyẹn. Ó wá ku igun òde. Òde ni gbogbo ibi tí kì í ṣe inú, àbí? Nítorí náà, 360 − 150 = 210. Ẹ wá fi 210 pín 360... Ó fún mi ní 1.7. Ẹ dúró ná.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Tòróńtò)
Ilé ẹlẹ́gbẹ́ kan lé díẹ̀. Pẹ́kàmù nìkan lẹ ti lè rí irú rẹ̀, owó odidi ilé ni wọ́n sì máa gbà lórí ẹ̀.

Tísà (Lẹ́sítà)
Àǹtí bá ọ̀nà dé iwájú ilé, wọ́n wá ya sí ilé aládùúgbò. 150 yẹn dára. Àmọ́ igun òde kì í ṣe gbogbo ohun tó wà níta. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri àgbàlá, ẹ dé kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń lọ tààrà láìyà, ẹ ó fi ògiri sílẹ̀. Ìwọ̀n tí ẹ ní láti yà kúrò lójú ọ̀nà tààrà yẹn kí ẹ tó lè bá ògiri kejì lọ, òun ni igun òde. Òun àti igun inú ló jọ jókòó sórí ìlà tààrà kan, ìdí nìyẹn tí àpapọ̀ àwọn méjèèjì fi jẹ́ 180. 180 − 150 = 30.
Bí ẹ bá wá yí àgbàlá náà ká, tí ẹ padà síbi tí ẹ ti gbéra, tí ojú yín tún kọ ibi tó kọ tẹ́lẹ̀, ìyípo kan péré lẹ yí, ìyẹn 360. Ì báà jẹ́ kọ̀rọ̀ mẹ́ta, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún, 360 náà ni. Kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jẹ 30, mélòó ló máa jẹ 360 tán? Ẹ yọ owó pọ́n-ùn kan jáde nínú àpò yín, èyí tí wọ́n mú jáde ní 2017, kí ẹ ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Tóbi (Mansẹ́sítà)
Méjìlá! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun, Tísà. Tóbi ń rẹ́rìn-ín mi. Ó ní 12 lòun náà rí láti ọ̀sán, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá màmá òun mọ̀ ọ́n ni. Àmọ́ ohun tó kọ yàtọ̀ sí tiyín: 150n = 180(n − 2). Ṣé wọ́n máa fún un ní máàkì báyìí?

Tísà (Lẹ́sítà)
Wọ́n máa fún un. Bó bá fa ìlà láti igun kan lọ sí gbogbo igun tó kù, onígun mẹ́ta ló ń gé e sí, iye wọn sì máa ń fi méjì dín sí iye ẹ̀gbẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 180. Ibi tí 180(n − 2) ti wá nìyẹn. Tó bá tú u, 150n = 180n − 360, ó máa di 30n = 360. Ẹ ò rí i pé 30 àti 360 wa àtẹ̀yìnwá náà ló tún yọjú? Ọ̀nà òde ni mo fẹ́ràn jù, torí níbi −2 yẹn làwọn ọmọ ti máa ń ṣubú. Wọ́n á kọ 150n = 180n, èsì á wá jẹ́ òdo. Ilé tí kò ní ògiri rárá.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Tòróńtò)
Ìyẹn náà wà ní Pẹ́kàmù.

Bọ̀dá Káfíńtà (Hiúsítọ̀n)
Ẹ má fi Àǹtí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Èmi tí mo mọ igun òde dáadáa, ó ná mi lówó. Ìyàwó mi pé 50, mo ní mo fẹ́ kọ́ àgọ́ ìgbafẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ sẹ́yìnkùlé. Mo fi 8 pín 360, mo rí 45. Mo yí ayùn oníná mi sí 45, mo gé pákó mẹ́jọ, orí mẹ́rìndínlógún. Igi olówó iyebíye, èyí tí kòkòrò kì í jẹ. Mo wá tò wọ́n sórí koríko. Mo to ẹ̀kíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, ó sì pa dé. Pákó mẹ́rin péré, ó ti di onígun mẹ́rin rẹ́gírẹ́gí. Mẹ́rin tó kù wà nílẹ̀, wọ́n ń wò mí. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, “Ṣé ilé adìyẹ ni?”

Àǹtí Pẹ́kàmù
Ẹ gbọ́, igun òde tí wọ́n ṣírò ni kò dáa! Èmi nìkan kọ́.

Tísà (Lẹ́sítà)
Ó dáa, Àǹtí. 45 ni igun òde ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ, kò sí iyèméjì. Ohun tí Bọ̀dá gbàgbé ni pé orí pákó méjì ló ń pàdé ní kọ̀rọ̀ kan. Bí ọ̀kan bá mú 45, tí ìkejì tún mú 45, kọ̀rọ̀ náà ti yà ní 90. Kọ̀rọ̀ oní-90 mẹ́rin ló sì ń kún 360.

Bọ̀dá Káfíńtà (Hiúsítọ̀n)
Ó yé mi báyìí. Ìdajì ló yẹ kí n lò, 22.5. Àmọ́ mi ò gbà pé àṣìṣe ìṣirò ni. Àṣìṣe iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Mama Ìbejì (Dọ́bílìnì)
Bọ̀dá, igi tó bàjẹ́ kò mọ ìyàtọ̀. Ọkọ mi náà ṣe tiẹ̀, àmọ́ igun inú lòun mú. 135, ó pín in sí méjì, 67.5. Ó wá ń wá 67.5 lójú ìwọ̀n ayùn, kò sí níbẹ̀.

Bọ̀dá Káfíńtà (Hiúsítọ̀n)
Kò lè sí níbẹ̀. Òdo ojú ìwọ̀n yẹn ni ibi tí ayùn ti ń gé igi ní ìbú gbọọrọ, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ka iye tó yà. 67.5 tiẹ̀ àti 22.5 tèmi, ibì kan náà ni wọ́n ń sọ, 90 ni wọ́n fi pé ara wọn. Ẹ tún gbọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi: ní ìgbà kejì, mo lo 22.5, síbẹ̀ kò pa dé. Ayùn náà yẹ̀ ní ìdajì dígírì péré. Àmọ́ orí mẹ́rìndínlógún ni, ìdajì lọ́nà 16 jẹ́ 8. Àlàfo náà gba ọwọ́ mi. Látìgbà yẹn, àfọ́kù igi ni mo kọ́kọ́ ń gé. Bí mẹ́jọ bá pa dé nílẹ̀, kí n tó fọwọ́ kan ojúlówó.

Tísà (Lẹ́sítà)
Nínú ìdánwò náà, ẹ máa wo bó ṣe pa dé. Bí ẹ bá fi igun òde pín 360, tí kò fún yín ní odidi nọ́ńbà, ẹ ti ṣìnà níbì kan. Ká ní 150 yẹn jẹ́ 130, òde á jẹ́ 50, ẹ̀gbẹ́ á wá di 7.2. Kò sí irú rẹ̀ láyé.

Mama Ìbejì (Dọ́bílìnì)
Owó 50 pẹ́ńsì tí ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù ń ná ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ méje ló ní, mo sì fi 7 pín 360, 51.43 ló gbé jáde, kò tán síbẹ̀. Ṣé òun náà kò sí láyé?

Tísà (Lẹ́sítà)
Ẹ̀gbẹ́ ló gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi, igun kò pọn dandan. Àti pé owó yẹn, láti 1969 tó ti jáde ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ síta díẹ̀, kì í ṣe ìlà tààrà. Ẹ má fi ṣe ìṣirò fún ọmọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Tòróńtò)
Ẹ rí wọn, owó wọn gan-an wọ́. Níbí, pátákó pupa tó ń dá mọ́tò dúró ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ gbáko, 135 ní kọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lójú títì lọ́fẹ̀ẹ́ lọmọ ti ń kọ́ ìṣirò.

Bọ̀dá Káfíńtà (Hiúsítọ̀n)
Tiwa ni pátákó yẹn, ẹ̀yin ará òtútù kàn yá a ni. Ẹ ò sì ní ilé ẹlẹ́gbẹ́ márùn-ún bíi ti àwọn ológun wa ní Fàjíníà. 108, 108, yíká.

Àǹtí Pẹ́kàmù
Hiúsítọ̀n wo ló dé Fàjíníà? Ẹni tó kọ́ ilé adìyẹ ló ń fi ilé ológun yangàn.

Bọ̀dá Káfíńtà (Hiúsítọ̀n)
Ẹ jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀. 108 yẹn ló rán mi létí oyin. Bàbá mi sin oyin ní Ṣakí, a máa ń jókòó ti afárá, mo máa ń bi wọ́n pé kí ló dé tí ojúlé oyin kò jẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ márùn-ún. Wọn ò lọ ilé-ìwé, àmọ́ wọ́n gé páálí ẹlẹ́gbẹ́ márùn-ún fún mi, wọ́n ní kí n tò ó. Mẹ́ta pàdé, àlàfo ṣẹ́ kù, ìkẹrin ò sì gba ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó ṣírò ẹ̀: 108 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 324, ó ku 36. Wọ́n wá gé ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́fà, mẹ́ta pàdé, ó dì pátápátá. 120 lọ́nà mẹ́ta.

Mama Ìbejì (Dọ́bílìnì)
Ẹ ò ṣe mí dáadáa o. Oyin Ṣakí, àmàlà gbígbóná, àsìkò òjò. Mo wà níbí, búrẹ́dì ni mò ń jẹ.

Ìyá Tóbi (Mansẹ́sítà)
Ìṣirò tí mo kọ́kọ́ ṣe nìyẹn! Mo fi 3 pín 360, mo rí 120. Ti oyin ni mo ṣe.

Tísà (Lẹ́sítà)
Bí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ bá gbà á. Ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́rin ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú 90 rẹ̀, àwọn yòókù kò lè pín in lọ́gbọọgba mọ́.

Ìyá Tóbi (Mansẹ́sítà)
Ó yé mi. Ìbéèrè kejì ńkọ́? Onílọ̀ọ́po mẹ́jọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Tòróńtò)
Ìyẹn rọrùn. Òde jẹ́ ìpín kan, inú ìpín mẹ́jọ, mẹ́sàn-án lápapọ̀. Ẹ fi 9 pín 180, ó fún yín ní 20. Ogún ẹ̀gbẹ́. Ó tán.

Tísà (Lẹ́sítà)
Kò tíì tán. Ogún yẹn kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, igun òde ni. Ìgbésẹ̀ kan ló kù, mi ò ní sọ ọ́. Ẹ gbé e fún Tóbi.

Ìyá Tóbi (Mansẹ́sítà)
Tóbi ti sùn sórí ìwé, ẹnu sílẹ̀. Bọ̀dá, oyin Ṣakí yẹn, ṣé ẹ ṣì ń rẹ́ni fi ránṣẹ́?

Bọ̀dá Káfíńtà (Hiúsítọ̀n)
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kejìlá. Ìgò méjì ló lè gbé. Àǹtí Pẹ́kàmù ti gba ọ̀kan.